Òjé Inú Àwo Tó Ń Dán

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo yín. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé wọ́n á gbé àwo, ife, jọ́ọ̀gì àti ìkòkò wá sí láàbù wa, a ó sì wò ó bóyá nǹkan ń yọ jáde lára ẹ̀ tí ò yẹ kó dé inú oúnjẹ. Nǹkan méjì la sábà máa ń wá, òjé àti kádímíọ̀mù, irin méjì tó jẹ́ májèlé fún ara. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mi náà ni mo fẹ́ dáhùn lónìí, wọ́n á ní àwo amọ̀ tó ń dán yìí, àti abọ́ irin àtijọ́ tí wọ́n fi énámẹ́ẹ̀lì bò, ṣé lóòótọ́ ni òjé lè ti ibẹ̀ wọnú ohun tá à ń jẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wọ ibẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwo, kì í sì í ṣe gbogbo oúnjẹ, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ara wọn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò níbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí dídán yẹn fúnra ẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n sun lásán, omi máa ń wọ inú ẹ̀, ó máa ń fa òróró, kò ṣeé fọ̀ mọ́ pátápátá. Torí ẹ̀ làwọn amọ̀kòkò ṣe ń fi gílésì bò ó. Gílésì ọ̀hún, gíláàsì ni, kò sí nǹkan míì tó jẹ́. Wọ́n á lọ yanrìn kúnná, wọ́n á po àwọn nǹkan míì mọ́ ọn, wọ́n á fi omi rò ó, wọ́n á rì àwo bọ inú ẹ̀ tàbí kí wọ́n dà á sí i lára, wọ́n á wá gbé e sínú ààrò. Bí iná bá mú un dáadáa, lẹ́búlẹ́bú yẹn á yọ́, á di gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ amọ̀ yẹn pinpin.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé yanrìn nìkan kì í tètè yọ́. Iná tó máa yọ́ ọ ju ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ lọ ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ààrò tí wọ́n ń fi igi dá ò sì lè dé ibẹ̀ láyé. Ẹ ó ní láti rí nǹkan pò mọ́ ọn tó máa jẹ́ kó yọ́ kíákíá, òjé sì ni nǹkan tó dáa jù fún iṣẹ́ yẹn láti ayé àtijọ́. Ó ń yọ́ ní iná kékeré, ó ń ṣàn wọ gbogbo ibi tó yẹ, kì í fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó ń dán bíi dígí, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ yọ dáadáa. Ẹ̀rí ọkàn ni mo fi ń sọ ọ́, òjé rọrùn fún amọ̀kòkò gan-an ni, kì í ṣe ìwà ìkà ló mú wọn lò ó. Wọ́n ti ń lò ó fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, káwọn ará Róòmù tó ṣubú ló ti wà níbẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa fetí sílẹ̀ nìyí. Òjé tó wà nínú gílésì kì í ṣe wàhálà fúnra ẹ̀. Tí yanrìn tó, tí amọ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, tí iná sì mú un tó, gíláàsì yẹn á di òjé yẹn mú ṣinṣin, díẹ̀ ló máa jáde. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjé pọ̀ ju yanrìn tó lè dì í mú lọ, tàbí tí iná kò mú un tó, tí ibì kan ti yọ́ tí ibì kan ò tíì yọ́ dáadáa. Iná igi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, apá kan ààrò á gbóná, apá kejì á tutù, àwo méjì tó ti inú ààrò kan náà jáde lọ́jọ́ kan náà lè yàtọ̀ síra wọn, ọ̀kan á dáa, èkejì á máa da òjé sílẹ̀ bí omi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà bí ẹnì kan bá ní "a ti yẹ ọ̀kan wò, ó dáa, àwọn tó kù náà dáa nìyẹn."

Nǹkan kan tún wà táwọn amọ̀kòkò àgbà mọ̀ àmọ́ tí àwọn tó ń rà á ò mọ̀: àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé tó rẹwà tó mọ́ dáadáa lórí gílésì olójéè, bàbà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, bàbà yẹn sì máa ń dà á rú, ó ń jẹ́ kí òjé yọ jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Gílésì kan náà láìsí bàbà lè yege, tí wọ́n bá fi bàbà sí i kó kùnà pátápátá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá fìyẹn pín àwo o, kẹ́ ẹ ní torí tèmi funfun tàbí torí ó ṣe kedere kò ní òjé. Gílésì tí ò ní àwọ̀ kankan náà lè kún fún òjé, ojú ò lè rí i.

Báwo ló ṣe wá ń jáde? Omi lásán ò lè ṣe púpọ̀. Ásíìdì ló ń ṣe é. Ohun tó bá kan, fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátì, ọtí wáìnì, omi èso, gbogbo ẹ̀ ní ásíìdì nínú. Ásíìdì yẹn á wọ ojú gíláàsì náà, á gba ipò òjé, òjé á bọ́ sínú omi náà. Kò pariwo, kò hó, ojú omi ò yí padà. Tí ó bá jẹ́ fínígà ló wà níbẹ̀, ohun tí òjé àti fínígà ń di dùn lẹ́nu, láyé àtijọ́ wọ́n tiẹ̀ ń pè é ní ṣúgà òjé. Ìtọ́wò ò ní kì yín nílọ̀ nìyẹn, ọmọdé lè mu ún tán kó tún béèrè òmíràn.

Nǹkan mẹ́ta ló wà tó ń jẹ́ kó pọ̀ sí i: bí ó bá kan tó, bí ó bá gbóná tó, àti bí ó bá pẹ́ tó níbẹ̀. Pípẹ́ yìí làwọn èèyàn fojú kéré jù. Ẹnì kan á bu ọbẹ̀ tòmátì sí àwo, á jẹ ẹ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú, á fọ àwo ẹ̀. Ẹlòmíì á da omi ọsàn sínú jọ́ọ̀gì, á gbé e sínú fíríìjì, á máa mu ún ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni kejì ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Fíríìjì tutù, òtútù ń dín in kù, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta lọjọ́ mẹ́ta ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní ọdún 1970. Ní ìlú Mọ́ńtíríàlì ní Kánádà ni. Òbí ra jọ́ọ̀gì amọ̀ kan tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ó dára lójú, wọ́n ń da omi èso ápù sínú ẹ̀, wọ́n ń fún àwọn ọmọ mu látinú ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣàìsàn, kò pẹ́ ó kú, ọmọ ọdún méjì ni. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú ilé náà ní òjé lára bákan náà. Nígbà tí wọ́n wá ibi tí òjé ti wọlé kiri, jọ́ọ̀gì yẹn ni wọ́n bá nídìí ẹ̀. Wọ́n da omi èso ápù tuntun sí i, wọ́n wọ̀n ọ́n: lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta péré, òjé inú lítà kan ti tó nǹkan bíi mílígíráàmù 157. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti gòkè dé nǹkan bíi 1,300. Ẹ fi omi mímu wé e, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òjé inú lítà omi kan ò gbọdọ̀ kọjá 0.01 mílígíráàmù. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju omi lọ ní wákàtí mẹ́ta.

Nígbà tí àwọn dókítà yẹn wá yẹ àwọn àwo amọ̀ míì wò, bí ìdajì nínú wọn ni òjé tó ń jáde lára ẹ̀ kọjá ohun tó yẹ. Jọ́ọ̀gì yẹn burú ju èyí tó sábà máa ń wá sọ́dọ̀ wa lọ fíìfíì, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ro pé gbogbo jọ́ọ̀gì rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí nǹkan mẹ́ta yẹn ṣe pàdé lójú ibì kan: gílésì tí wọn ò sun dáadáa, ohun mímu tó kan, àti ìfipamọ́ ọjọ́ púpọ̀. Ká mú ọ̀kan kúrò nínú ẹ̀, ìtàn yẹn á yàtọ̀. Ká ní omi lásán ni wọ́n ń dà sí i, bóyá kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé jọ́ọ̀gì yẹn burú.

Ó dáa, báwo la ṣe ń yẹ ẹ́ wò ní láàbù? Ó rọrùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. A ó kọ́kọ́ fọ àwo náà pẹ̀lú ọṣẹ, a ó ṣan án, a ó jẹ́ kó gbẹ. A ó wá po fínígà tiwa, ásíìdì inú fínígà tó mọ́ nìkan, mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù omi tó mọ́. A ó dà á sínú àwo náà títí tó fi fẹ́ẹ̀ kún dé etí, a ó fi gíláàsì dé e kó má baà gbẹ, a ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún nínú yàrá tí ìgbóná ẹ̀ jẹ́ bíi 22. Tí a bá tún ń wá kádímíọ̀mù, inú òkùnkùn la máa gbé e sí, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ́ kí kádímíọ̀mù jáde sí i, èsì á sì máa yí kiri. Ní ọjọ́ kejì a ó ro omi náà pọ̀, a ó bu díẹ̀, ẹ̀rọ á kà á. Ó parí.

Kí la wá ń pè ní èyí tó yege? Òfin Yúróòpù ti ọdún 1984 sọ pé àwo tó jinú tó ṣeé da nǹkan sí ò gbọdọ̀ sọ òjé tó ju mílígíráàmù mẹ́rin lọ sínú lítà kan, kádímíọ̀mù ò gbọdọ̀ ju 0.3 lọ. Àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń se nǹkan le ju bẹ́ẹ̀, mílígíráàmù kan àbọ̀ ni wọ́n gbà fún òjé. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn mú un le gan-an fún ife àti jọ́ọ̀gì, ìdajì mílígíráàmù péré ni wọ́n gbà nínú lítà kan, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni ohun mímu ń pẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú wò ó lọ́nà tó ṣe kedere. Ká ní jọ́ọ̀gì kan wá sọ́dọ̀ mi, tí mo sì rí mílígíráàmù méjì nínú lítà. Ní ìlànà Yúróòpù yẹn, ó yege. Ní ti jọ́ọ̀gì ní Amẹ́ríkà, ó kùnà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ká wá sọ pé ọmọ kékeré kan mu ife kan nínú ẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún lítà. Òjé tó wọ inú ẹ̀ jẹ́ 0.4 mílígíráàmù, ìyẹn máíkírógíráàmù 400. Àjọ Amẹ́ríkà yẹn kan náà fi máíkírógíráàmù 2.2 ṣe ìdíwọ̀n fún ohun tí ọmọdé lè rí nínú gbogbo oúnjẹ ẹ̀ lójúmọ́ kí wọ́n tó máa wá ìdí ẹ̀. Ife kan ṣoṣo sọ ọ́ di nǹkan bí ìlọ́po 180. Ẹ jẹ́ n ṣe òtítọ́ níbí o, ìdánwò wa le, fínígà wa lágbára, wákàtí mẹ́rìnlélógún pẹ́, àwọn oúnjẹ púpọ̀ ò ní fà á jáde tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ omi èso tí wọ́n tọ́jú sínú jọ́ọ̀gì fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, òun àti ìdánwò wa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. "Ó yege" ò túmọ̀ sí pé òjé ò jáde, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìyẹn tó jáde ò kọjá ìlà tí wọ́n fà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọmọdé: nínú òjé tí àgbàlagbà bá gbé mì, ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí kó lé díẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ti ọmọdé lè tó ìdajì. Ọpọlọ ẹ̀ ṣì ń dàgbà, ibẹ̀ ni òjé ń bà jẹ́ jù, kò sì sí ìwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ mọ̀ tí wọ́n á ní ó dáa fún un. Òjé máa ń sá pamọ́ sínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí obìnrin bá lóyún ó lè jáde padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Ní báyìí, àwọn nǹkan tó ń tan wá jẹ nílé. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé "mo ti ń lo àwo yìí láti ogún ọdún, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Mo gbọ́. Òjé tó kéré kì í dá inú rú, kì í jẹ́ kéèyàn bì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló máa sọ. Èkejì, wọ́n á ní àwọn ti fọ̀ ọ́, àwọn ti sè é nínú omi gbígbóná, torí náà òjé ti tán. Kò tán. Lóòótọ́ ìgbà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jáde jù, ó ń dín kù lẹ́yìn ẹ̀, àmọ́ gílésì tó burú á máa jáde lọ ni, bí ásíìdì ṣe ń jẹ ojú ẹ̀ ló ń dé ibi tuntun. Kàn-ìn-kàn-ìn onírin àti ọṣẹ líle inú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ń họ ojú ẹ̀ kúrò, ìyẹn gan-an ń mú un burú sí i.

Ẹ̀kẹta ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé "kò ní òjé". Mo ti rí èyí tó ní ìwé yẹn tó kùnà pátápátá. Kì í ṣe irọ́ ni ìgbà gbogbo, nígbà míì amọ̀kòkò náà ti yí padà sí gílésì tí ò ní òjé tọkàntọkàn, àmọ́ ààrò àtijọ́ ni, inú ẹ̀ ti gba òjé fún ọdún púpọ̀, tó bá gbóná, òjé á di èéfín, á fò bọ́ sórí àwo tuntun. Burọ́ọ̀ṣì àti bààfù tí wọ́n fi ń po gílésì náà lè gbé e lọ.

Àwọn èèyàn máa ń ra òwú kékeré kan tí wọ́n fi ń pa ojú nǹkan, tó bá rí òjé á di pupa tàbí píńkì. Tó bá pupa, ẹ gbà á gbọ́, ẹ yọ àwo yẹn kúrò nínú oúnjẹ. Tí ò bá pupa, ẹ má ṣe jó o, ó lè jẹ́ pé òjé tó wà níbẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ohun tí òwú náà lè rí, tàbí pé ibòmíì lẹ́ ẹ pa. Kò mọ kádímíọ̀mù rárá. Lórí àwo tí ó jẹ́ pupa tẹ́lẹ̀, ojú yín ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kan tó dà bí ìbọn, tí wọ́n ń nà sí àwo kó lè sọ iye òjé tó wà lára ẹ̀, náà dáa, àmọ́ ìbéèrè míì ló ń dáhùn, ó ń sọ iye tó wà níbẹ̀, kì í sọ iye tó ń jáde. Gílésì tó kún fún òjé tí wọ́n sun dáadáa lè fún ẹ̀rọ yẹn ní nọ́ńbà ńlá, kó sì yege nínú fínígà wa. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn dẹ́rù bà yín, ẹ bi í pé èló ló jáde nínú ásíìdì.

Ohun tẹ́ ẹ lè fojú rí wà díẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ àwo tó gbẹ tán, tẹ́ ẹ fi ìka pa á, tí nǹkan bíi eérú tàbí ẹfun bá ń wá sí yín lọ́wọ́, ojú gílésì yẹn ti ń jẹrà, ẹ gbé e sọnù. Tẹ́ ẹ bá gbé ege ọsàn wẹ́wẹ́ sí i mọ́jú, tí ibi tó wà ṣú tàbí kó ní àpá, ìyẹn náà ò dáa. Ìlà wẹ́wẹ́ bíi òwú tó ń já lára gílésì ń jẹ́ kí oúnjẹ wọ inú amọ̀, ó sì ń fún ásíìdì láyè sí i. Àmọ́ bí àwo ò bá ní gbogbo ìwọ̀nyí, ìyẹn ò ní ká sọ pé ó mọ́, mo ti rí èyí tó dán bíi dígí, tó kùnà.

Ó kù énámẹ́ẹ̀lì. Òun náà gíláàsì ni, irin ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bo irin náà pẹ̀lú ìpele dúdú tàbí búlúù tó ṣókùnkùn tí ń lẹ̀ mọ́ irin, wọ́n á wá bo ìyẹn pẹ̀lú ìpele funfun tàbí aláwọ̀, wọ́n á sun ún ní bí 800 lọ sókè. Àwọ̀ ni mo ń wò lára énámẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Pupa fòò, yẹ́lò tó ń tàn, àti àwọ̀ ọsàn, kádímíọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe wọn, torí àwọ̀ pupa míì ò lè fara da iná yẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìkòkò nìkan ni àwọ̀ yẹn wà, tí inú ẹ̀ sì funfun tàbí dúdú, kò sí ìṣòro púpọ̀, oúnjẹ ò kàn án. Tó bá jẹ́ inú ni pupa tàbí yẹ́lò yẹn wà, ní abọ́ àtijọ́, ẹ má se nǹkan tó kan nínú ẹ̀. Kádímíọ̀mù tó bá wọ ara, inú kíndìnrín ló ń lọ jókòó sí, á máa pọ̀ jọ síbẹ̀, ìdajì ẹ̀ lásán lè gba ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n kó tó jáde, torí náà díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi ẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ lára ife náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi ìka yín fọwọ́ pa òdòdó tàbí ìlà aláwọ̀ tó wà ní etí ife. Tí ó bá gbé sókè díẹ̀ lábẹ́ ìka, orí gílésì ni wọ́n sun ún sí, iná kékeré ni wọ́n fi sun ún, kò sí gíláàsì kankan lórí ẹ̀ tó ń dáàbò bò ó, ètè yín ló ń kàn án tààrà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń yẹ sẹ̀ǹtímítà méjì tó wà nísàlẹ̀ etí ife wò lọ́tọ̀. Tí àwọ̀ náà bá ti ń parẹ́, ẹ bi ara yín pé ibo ló lọ.

Ìkòkò énámẹ́ẹ̀lì tó ti fọ́ díẹ̀ ńkọ́, tí irin ti yọ? Ìpẹtà irin kì í ṣe májèlé. Ohun tí mo ń wò ni etí ibi tó fọ́, ó máa ń já jáde bí ègé gíláàsì, èèyàn lè gbé e mì, ibẹ̀ náà ni gbogbo ìpele énámẹ́ẹ̀lì ti ṣí sílẹ̀ fún ásíìdì. Tí ìfọ́ náà bá wà nínú ibi tí oúnjẹ ń kàn, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ n fi kún un. Arábìnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ogún ìyá mi ni jọ́ọ̀gì yìí, ṣé kí n fọ́ ọ ni?" Mo ní rárá o, ẹ gbé e sí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i, ẹ fi òdòdó gbígbẹ sí i, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi bu nǹkan fún àlejò, ẹ gbé gíláàsì lásán sínú ẹ̀, kí ohun mímu wà nínú gíláàsì. Nǹkan gbígbẹ tó ní èèpo, ẹ̀pà tàbí èso tí wọn ò tíì bó, kò léwu púpọ̀ nínú àwo pẹrẹsẹ. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún pátápátá ni títọ́jú nǹkan kíkan sí i, àti gbígbé e sórí iná. Tẹ́ ẹ bá máa fi í ta ẹlòmíì lọ́rẹ, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n ṣe sí àwo ọ̀ṣọ́ tó ní òjé tó pọ̀, kò sẹ́ni tó máa da ohun mímu sí i mọ́ nìyẹn.

Bàbá kan béèrè pé ṣé òun lè fi faníìṣì kun inú ẹ̀. Rárá, bàbá. Ásíìdì àti ooru máa ń jẹ faníìṣì, kò sí èyí tó máa dì mọ́ gíláàsì bẹ́ẹ̀ pẹ́, ẹ ó wá ní májèlé méjì dípò ọ̀kan.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ní ọmọ òun ti ń mu omi èso látinú irú jọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó dáwọ́ dúró lónìí, kó má da jọ́ọ̀gì yẹn nù torí láàbù lè nílò ẹ̀, kó gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá gún ìka ọmọ, tí nọ́ńbà ẹ̀ ga, kó ní kí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ látinú iṣan, torí ìdọ̀tí olójéè tó wà lójú awọ ìka lè gbé nọ́ńbà yẹn ga lórí asán. Ní Amẹ́ríkà, 3.5 máíkírógíráàmù nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n ń lò láti mọ ọmọ tí òjé ara ẹ̀ ti pọ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Àwọn oògùn tó ń fa òjé jáde, ọmọ tí nọ́ńbà ẹ̀ ga fíìfíì, bíi 45 lọ sókè, ni wọ́n ń fún, dókítà nìkan ló lè pinnu ẹ̀. Fún èyí tó kéré sí ìyẹn, ìtọ́jú tó wà ni kí wọ́n yọ jọ́ọ̀gì kúrò, kí wọ́n rí i pé ọmọ ń jẹ ohun tó ní èròjà irin àti kálíṣíọ́ọ̀mù torí ara tí ìwọ̀nyí ò tó nínú ẹ̀ ló ń gba òjé wọlé jù, kí wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹn yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta, kí wọ́n rí i pé nọ́ńbà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Tí ò bá sọ̀ kalẹ̀, ó ní ibòmíì tí òjé ti ń wọlé, kí wọ́n padà wá, kí wọ́n kó àwọn àwo tó kù dání.